Agbọ̀n Mẹ́fà Inú Báàgì Dúdú

Lẹ́yìn ọmọ bíbí inú mi, ìgò sóòdà ńlá ni mo fẹ́ràn jù láyé. Ẹ rẹ́rìn-ín tán, kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ mi lọ. Bí ìsìn bá ti parí ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Mesquite, ní Texas, tí wọ́n jẹun tán, tí wọ́n mu tán, ẹ wá wo ìgò nínú garawa ìdọ̀tí! Ẹlòmíràn á rí i, á kọjá. Èmi á rí i, orin á sì bọ́ lẹ́nu mi:

Ẹ mu ún tán, ẹ jù ú nù,
Èmi ń bọ̀ lẹ́yìn yín o;
Èyí tẹ́ ẹ fi sílẹ̀ lófìfo
Ló ń kún inú ilé mi.

Gbéminíyì ọmọ mi ló mú mi wá sí Amẹ́ríkà kí n wá bá a tọ́mọ. Àwọn ọmọ dàgbà, wọ́n lọ sílé ìwé, wọn ò sì gbọ́ Yorùbá tí mo ń sọ mọ́. Mo wá ń bá ògiri sọ̀rọ̀. Ìgbà tó rí i pé ògiri fẹ́ máa dá mi lóhùn, ó fún mi ní igun kan nínú gáréèjì. Ó gbẹ́ pákó kékeré kan fún mi, ó la ojú tóóró sí i lórí, ó fi bóòtù méjì de abẹ ọ̀bẹ ìgékátọ̀n mọ́ ọn pinpin. Gbogbo ẹ̀rọ tí mo ní nìyẹn. Mi ò ní ilé iṣẹ́, mi ò ní iná ńlá, mi ò ní ọ̀gá.

Mo máa ń fi omi tútù àti ọṣẹ fọ ìgò, mo máa ń fi òróró pa gọ́ọ̀mù ara rẹ̀ rẹ́, mo sì máa ń gé ìdí rẹ̀ dànù. Níbi tí mo ti gé e ni mo ti máa ń ṣí etí kékeré kan, màá ti etí yẹn bọ abẹ́ ọ̀bẹ, màá wá máa fà á. Ìgò á máa yí, á máa jó, á máa kúrú, okùn á máa gùn. Ìgò kan ṣoṣo á di okùn tó lè yí gáréèjì ká. Ìgò omi wẹ́wẹ́ kò dára, ara rẹ̀ fẹ́lẹ́, ó sì ń ṣe gbágungbàgun. Ìgò sóòdà tí ara rẹ̀ ń dán ló dára. Òun ni mo fi ń hun agbọ̀n, bí ìyá mi ṣe ń fi imọ̀ ọ̀pẹ hun tirẹ̀ ní Ìkirè.

Ìyá mi kọ́ mi ní híhun. Ó tún kọ́ mi ní èyí tó ju híhun lọ. Ó ní, "Ẹni tó bá kọ́ ọmọ iṣẹ́ dé òpin kí ọjọ́ fríídọ̀mù rẹ̀ tó pé, ó ti gbé ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀ fún aládùúgbò." Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Ọ̀gá á kọ́ ọ ní gbogbo rẹ̀, á ku ẹyọ kan. Lọ́jọ́ tí o bá ṣe fríídọ̀mù, tí o kúnlẹ̀ láàárín èèyàn, tí ó gbé ọwọ́ lé ọ lórí tó súre fún ọ, ó tó pè ọ́ wọ yàrá, ó fún ọ ní ẹyọ tó kù. Ẹni tó bá sá kúrò kí ọjọ́ yẹn tó pé, ó gbé iṣẹ́ tí kò lórí lọ.

N ó sọ ẹyọ tó kù nínú iṣẹ́ ìgò fún yín, nítorí ẹ kì í ṣe ọmọ iṣẹ́ mi. Nígbà tí wọ́n ń ṣe ìgò, fífà ni wọ́n fà á kó tó tóbi. Kò sì gbàgbé pé wọ́n fa òun. Bí ooru gidi bá kàn án, ó fẹ́ padà sí bó ṣe wà, ó máa súnkì. Nítorí náà, kí o tó fi okùn rẹ̀ hun nǹkan, kọ́kọ́ wé e mọ́ páípù irin pinpin, so orí rẹ̀, so ìdí rẹ̀, kí o tì í bọ omi tó ń hó. Jẹ́ kó pẹ́ níbẹ̀, gbé e jáde, kí o jẹ́ kó tutù kí o tó tú u. Ó ti súnkì tán nìyẹn. Oòrùn tó bá ràn sí i lẹ́yìn ìyẹn, ó kàn ń fi ara rẹ̀ ṣe wàhálà ni.

Ìyàwó pásítọ̀ wa, Ọlábímpé, ló mú Détọ́lá wá bá mi. Obìnrin ẹni ogójì ọdún ni Détọ́lá. Ilé ìtọ́jú arúgbó ló ti ń ṣiṣẹ́, ó ń gbé wọn láti orí bẹ́ẹ̀dì sórí kẹ̀kẹ́, títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi yẹ̀ lọ́jọ́ kan. Dókítà ní kó má gbé nǹkan tó wúwo mọ́. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní kí ó lọ sinmi, wọn ò sì pè é padà. Ọkọ kò sí, ọmọ kò sí. Lẹ́tà onílé nìkan ló ń wá a wá sí àpáátímẹ́ǹtì rẹ̀.

Ọlábímpé ní, "Màmá Gbéminíyì, ẹ jọ̀ọ́ mà. Ẹ kọ́ ọ kí ó rí nǹkan fọwọ́ ṣe."

Mo ní, "Kí ó máa bọ̀. Ìgò pọ̀ ju èmi nìkan lọ."

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo fún un ní òfin kan. Mo ní, "Omi gbígbóná kò gbọdọ̀ kan ìgò o. Tó bá ti kàn án, ó ti bàjẹ́ nìyẹn." Òótọ́ ni mo sọ. Ìgò tí o bá fi omi gbígbóná fọ̀ máa lọ́ gbùngùn, ọ̀bẹ ò ní lè gé e. Òótọ́ ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fi ṣe ilẹ̀kùn, mo sì tì í mọ́ ọn lójú.

Ọjọ́ Túsìdé àti Tọ́sìdé ló máa ń wá. Ọjọ́ Wẹ́sìdé ni mo máa ń gbé ìkòkò omi kaná. Okùn tí a bá jọ gé, bó bá fi máa padà dé, mo ti bọ̀ ọ́, mo ti tú u, mo ti ká a sílẹ̀ dè é.

Ó bi mí lẹ́ẹ̀kan. "Màmá, kí ló dé tí okùn yín ń nà gbọọrọ báyìí, tí èyí tí mo kó lọ sílé sì ń ká bí irun ẹlẹ́dẹ̀?"

Mo ní, "Ọwọ́ àgbà ni."

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì gbà á. Mo bú sórin:

Ọwọ́ àgbà kì í wọ akèrègbè,
Ṣùgbọ́n ó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ó gbè é! Ohùn rẹ̀ dùn ju tèmi lọ. Ọwọ́ rẹ̀ náà yá ju tèmi lọ, ibẹ̀ ni ẹ̀tẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì, ó ti ń fi okùn búlúù ṣe ọnà sí etí agbọ̀n, ọnà wẹ́wẹ́ bí ìlà ojú ọmọ ọba. Bí a bá pàtẹ níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn obìnrin á na ọwọ́ kọjá lórí tèmi, wọ́n á mú tirẹ̀. Bridget, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin ìjọ wa, tiẹ̀ sọ ọ́ sí mi lójú pé, "Màmá, ọmọ iṣẹ́ yín ti ju yín lọ o!" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín títí eyín mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́.

Bridget yìí ló bí Jessica. Jessica ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Denton, nítòsí ilé ẹ̀kọ́ gíga, tó ti ń ta nǹkan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń kó sínú yàrá. Ó wá sí ìsìn lọ́jọ́ kan, ó rí àtẹ wa. Èmi lọ tọ̀ nígbà náà. Kí n tó padà dé, òun àti Détọ́lá ti sọ̀rọ̀ tán, Jessica sì ti lọ. Mo ní kí ni wọ́n sọ. Détọ́lá ní, "Kò sí nǹkan mà, ó kàn kí wa ni."

Ìsìn ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e ni mo tó gbọ́. Ẹ̀rí jíjẹ́ ni! Détọ́lá dìde, ó gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́ wọn, ó ní kí ìjọ bá òun yin Olúwa. Ó ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Denton ti ní kí òun hun agbọ̀n aṣọ mẹ́fà wá, èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ máa fi kó aṣọ tó dọ̀tí. Ó ní bí mẹ́fà yìí bá ti dára lójú wọn, wọn yóò fún òun ní pẹpẹ kan nínú ṣọ́ọ̀bù náà, ogún agbọ̀n lóṣooṣù, títí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á fi gba ìsinmi. Ó ní òun ò tún ní gbé arúgbó mọ́ láé. Ó ní òun máa dúró sí àpáátímẹ́ǹtì òun. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ pásítọ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyàwó pásítọ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Jessica. Ó jókòó.

Kò dárúkọ mi.

Ta ló kọ́kọ́ dìde jó? Èmi ni. Mo jó dé iwájú rẹ̀, mo dì mọ́ ọn. Ìjọ ń pàtẹ́wọ́ fún wa.

Ó wá sí gáréèjì lọ́jọ́ Túsìdé, ó wá yá pákó àti ọ̀bẹ. Mo gbé e fún un.

Mo ní, "Détọ́lá, ìwọ àti Denton yìí, ṣé o ò ní kọ́kọ́ ṣe fríídọ̀mù ni? Kékeré náà ni. Kí o ra bisikíìtì àti ìgò sóòdà méjì, kí Ọlábímpé jókòó tì wá, kí n gbé ọwọ́ lé ọ lórí."

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú fún ẹ̀rín. "Fríídọ̀mù ẹ̀ kẹ̀! Màmá, Amẹ́ríkà la wà o. Ta ló ń ṣe fríídọ̀mù agbọ̀n? Ṣé ẹ máa fún mi ní sàtífíkéètì ni?"

Mo ní, "Kò sí sàtífíkéètì. Àdúrà ni."

"Màmá, ẹ ti ń gbàdúrà fún mi látọjọ́ yìí. Ọ́dà ti wà nílẹ̀, ọ̀sẹ̀ méjì péré ni wọ́n fún mi. Tí mo bá gbé e dé, màá ra bisikíìtì fún yín, màá ra kéèkì pàápàá."

Mo ní, "Ó dáa, ọmọ mi."

Ẹ gbọ́ o, mo fi ilẹ̀kùn hàn án. Ó wo ilẹ̀kùn, ó fi í rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó fẹ́ lọ, mo pè é padà. Mo kó báàgì ìdọ̀tí dúdú tó gbòòrò fún un. Mo ní, "Bí o bá hun wọ́n tán, fi ìkọ̀ọ̀kan sínú báàgì, kí o so ó lẹ́nu. Eruku ojú fíríwéè, títì márosẹ̀ wọn yìí, kì í jẹ́ kí nǹkan tuntun jẹ́ tuntun." Ó dúpẹ́. Ó tẹ orúnkún fún mi, bó ṣe yẹ.

Oòrùn oṣù kẹjọ ní Texas, adájọ́ ni. Ẹ gbé ẹyin sílẹ̀ nínú ọkọ̀ títì, kí ẹ wá wò ó. Dúdú sì ń mu oòrùn bí ọ̀mùtí ṣe ń mu ẹmu. Lọ́jọ́ tó fẹ́ gbé agbọ̀n lọ, mo ní kí ó gbé mi dání kí n lè rí Denton. Inú rẹ̀ dùn. Mo gbé agbọ̀n tèmi kan dání, agbọ̀n aṣọ bíi tirẹ̀, èmi náà fi í sínú báàgì dúdú, mo tò ó mọ́ tirẹ̀ lórí ìjókòó ẹ̀yìn lábẹ́ gíláàsì, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé mo yan tèmi sọ́tọ̀.

Ó ní, "Ti ta ni ìyẹn, Màmá?"

Mo ní, "Ẹ̀bùn ni. Fún Jessica."

"Ẹ ṣé é mà! Ẹ ṣáà fẹ́ràn mi."

Atẹ́gùn tútù ń fẹ́ nínú ọkọ̀, a ń kọrin lọ lójú fíríwéè. Nígbà tí a dé Denton, ọmọbìnrin tó ń bá Jessica tajà ní ọ̀gá òun jáde lọ jẹun, ó máa pẹ́ díẹ̀. Détọ́lá wo òde, níbi tí ọkọ̀ wà nínú oòrùn tí kò sí igi kan tó ṣíji bò ó.

Ó ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kí n kó wọn wọlé."

Ẹ wò ó, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù. Kí n ní "Sáré!" ni. Ahọ́n mi gbé e, eyín mi sì dí i lọ́nà.

Mo ní, "Rárá o. Jẹ́ kí ó fojú ara rẹ̀ rí i bí o ṣe ń tú u jáde. Ọjà tí wọ́n bá ti kó kalẹ̀ dè oníbàárà, ẹ̀bẹ̀ ló máa ń jọ."

Ó ní, "Òótọ́ ni, Màmá. Ẹ gbọ́n."

A jókòó nínú ṣọ́ọ̀bù tútù. Ó fi ìka ìlábẹ̀ rẹ̀ hàn mí, ibi tí ọ̀bẹ ti gé e nígbà tó ń sáré parí. Ó fi pẹpẹ hàn mí, èyí tí Jessica ti sọ fún un pé tirẹ̀ ni yóò jẹ́, ó ti ṣófo, wọ́n ti nù ún. Ó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó fi ọwọ́ wọ̀n ọ́n. Wákàtí méjì ni Jessica fi jẹun. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ onílé oúnjẹ yẹn, mi ò mọ̀ ọ́n rí.

Jessica dé, ọmọ tó ń rẹ́rìn-ín lọ́tùn-ún lósì, ó kí mi ní òyìnbó, ó ní kí a kó wọn wá. Nígbà tí Détọ́lá ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀, ooru ibẹ̀ gbá mi lójú. Ó fi aṣọ dì mú báàgì, ó jó o lọ́wọ́. Ó kó gbogbo wọn sórí tábìlì, ó ń làágùn, ó ń rẹ́rìn-ín, ó tú èkíní.

Ẹ̀yin èèyàn mi! Agbọ̀n tó wọ báàgì ní gbàgàdà ti di ẹnu arúgbó tí kò léyín. Etí rẹ̀ ti fà wọ inú, ìdí rẹ̀ ti wú síta, okùn ti ya kúrò lára okùn, ọnà búlúù rẹ̀ ti ká jọ bí ìfun adìyẹ. Détọ́lá tú èkejì. Bákan náà. Ó tú ẹ̀kẹta. Ẹ̀kẹrin kò tiẹ̀ lè jókòó lórí tábìlì, ó ṣubú lulẹ̀, ó ń yí lọ, ọmọbìnrin tó ń tajà fi ọwọ́ bo ẹnu.

Jessica fi ìka kan kàn án. Ó bi í ní òyìnbó pé ṣé bí ó ṣe yẹ kó rí nìyí ni.

Détọ́lá ní, "Rárá... kò rí báyìí nílé. Màmá, ẹ rí wọn, ẹ sọ fún un! Màmá, kò rí báyìí!"

Mo ní, "Mi ò rí i o. Inú báàgì ni mo bá a."

Jessica ní òun ò lè ta nǹkan tó ń ṣe báyìí fún ọmọ tó máa kó aṣọ gbígbóná látinú ẹ̀rọ tó ń mú aṣọ gbẹ sínú rẹ̀. Ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ìgbà tí wọ́n ń sọ fún ọmọdé pé ajá rẹ̀ ti kú. Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ bọ́ sí báàgì keje.

Mo ní, "Èmi ni mo ni ìyẹn. Ẹ̀bùn ni."

Mo tú u. Ó dúró ṣánṣán bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gẹrun. Jessica tì í, ó tẹ̀ ẹ́, ó yí i po, ó wo èmi, ó wo Détọ́lá, ó wá bi mí ta ló kọ́ ta ní iṣẹ́.

Mo ní, "Èmi ni mo ń kọ́ ọ. Kò tíì parí."

Pẹpẹ tí wọ́n nù sílẹ̀ yẹn, kí a tó kúrò níbẹ̀, ó ti di tèmi.

Nígbà tí a ń bọ̀, Détọ́lá ń wa ọkọ̀, ó ń sunkún, imú rẹ̀ ń dà sórí ètè, kò nù ún. Ó ń ṣe bí ẹni ń bá ara rẹ̀ jà: "Kí ni mo ṣe? Kí ni mo ṣe, Màmá?" Mo ní kí ó rọra, kí ó máa wo ọ̀nà. Ibi tí a dé lójú fíríwéè yẹn, orin ń ṣe mí. Mo kọ ọ́ nínú mi.

Ogún agbọ̀n lóṣù kì í ṣe iṣẹ́ ẹnìkan. Ta ni n ó pè? Mo ní kí Détọ́lá máa bọ̀ láti Mọ́ńdè dé Fúráídè, ọjọ́ Fúráídè ni mo máa sanwó fún un. Ó wá. Lẹ́tà onílé ti di pupa nígbà náà, pé kó sanwó tàbí kó kó jáde. Ó ń hun ún, ọnà búlúù àti gbogbo rẹ̀. Orúkọ mi ni Jessica tẹ̀ sára páálí kékeré tó ń rọ̀ lẹ́nu wọn. Gbéminíyì wọlé sí gáréèjì lọ́jọ́ kan, ó wò wá, ó ní, "Mummy, ṣé ẹ ò ni ín lára báyìí?" Mo ní kó lọ jẹun.

Èmi ò tún fi ìkòkò pamọ́ mọ́. Kí ni mo fẹ́ fi pamọ́ fún? Lọ́jọ́ Wẹ́sìdé kan, omi ń hó, mo gbé páípù kan jáde, okùn wé e bí ọ̀já. Détọ́lá dìde lórí àga. Ó wo ìkòkò. Ó wo páípù.

"Omi gbígbóná," ó ní.

"Òun ni."

"Ẹ̀yin lẹ ní kò gbọdọ̀ kàn án."

"Ìgò odindi ni mo sọ. Èyí ti di okùn. Ọjọ́ fríídọ̀mù rẹ ni mi ò bá ti fi hàn ọ́, ìwọ lo ní Amẹ́ríkà la wà."

Ó mú fóònù rẹ̀. Níwájú mi níbẹ̀ ló ti pe Jessica. Ó sọ ọ́ wéréwéré, pé òun ti rí ohun tó bà wọ́n jẹ́, pé òun ti mọ̀ ọ́n báyìí, kí wọ́n jọ̀ọ́ kí wọ́n wo méjì péré sí i látọwọ́ òun. Ohùn Jessica ń jáde nínú fóònù, ó dùn bí oyin. Ó ní inú òun dùn láti gbọ́ ọ. Ó ní kí ó máa kọ́ṣẹ́ lọ lọ́dọ̀ Màmá. Ó ní ṣé Màmá wà nítòsí, nítorí òun fẹ́ kí ogún di ọgbọ̀n.

Détọ́lá na fóònù náà sí mi. Mo gbà á, mo kí Jessica, mo gba ọgbọ̀n.

Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ tán, ó bi mí pé, "Lọ́jọ́ Denton, nígbà tí mo ní kí n kó wọn wọlé... ẹ mọ̀?"

Mo lè pa irọ́. Ọjọ́ orí mi ti kọjá irọ́ pípa.

Mo ní, "Mo mọ̀."

Ó mú báàgì ọwọ́ rẹ̀. Ó jáde. Mo gbọ́ ilẹ̀kùn ọkọ̀ rẹ̀, ó ṣí i, ó tì í. Mi ò gbọ́ kí ẹ́ńjìnnì dún. Mo yọjú wò ó láti ojú fèrèsé: ó jókòó síbẹ̀, ó fi orí lé ọwọ́ ìdarí, èjìká rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Fúráídè ṣì ku ọjọ́ méjì. Mo padà sídìí ìkòkò mi, mo wé okùn mìíràn mọ́ páípù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin, orin tuntun gan-an tó bọ́ sí mi lẹ́nu nígbà náà:

Adìyẹ bínú, ó fò jáde,
Àgbàdo ń bẹ nínú ilé;
Ẹ má ti ilẹ̀kùn o, ẹ má ti ilẹ̀kùn,
Ebi á fọwọ́ mú un bọ̀ wálé.

Mo ti kọ ọ́ tó ẹ̀ẹ̀mẹrin kí ilẹ̀kùn tó dún. Ó wọlé, ojú rẹ̀ wú, kò wò mí. Mo fi ẹsẹ̀ ti garawa ìgò síwájú àga rẹ̀. Ó jókòó, ó yan ọ̀kan, ó sì gé ìdí rẹ̀ dànù.